Ẹ Kọ́kọ́ Sọ Ibi Tí Kámẹ́rà Dúró Sí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ìpolówó ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò, ẹ wá gbọ́ o. Mo ń rí iṣẹ́ ọwọ́ yín lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ á gbéṣẹ́ fún yín láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹ ti tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ti ya ọkọ̀ tó ń dán yanran fún yín lójú títì, ilé gíga lẹ́yìn rẹ̀, iná ń tàn yòò. Ó dùn ún wò lójú àkọ́kọ́. Bí èèyàn bá wá tẹjú mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ọkọ̀ ń sáré débi pé ilé ẹ̀yìn rẹ̀ fà gbọọrọ, ṣùgbọ́n ríìmù rẹ̀ dúró gbọin, èèyàn lè ka nọ́ọ̀tì márààrún tó wà níbẹ̀. Ríìmù iwájú ní apá márùn-ún, tẹ̀yìn ní méje. Òpó iná tó hàn lára ilẹ̀kùn mọ́ kedere, ó dúró sójú kan, a ò sì mọ bí ọkọ̀ tó ń sáré ṣe rí òpó tó tẹ̀ lé e lọ.

Ará Alímọ̀ṣọ́ tó ń wo àwòrán náà lè má lè sọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ló ti ń wo táyà tó ń yí níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á kọ àwòrán yẹn kí ẹnu rẹ̀ tó mọ ìdí. Nígbà tí Malik Afegbua fi Midjourney ya àwọn àgbà wa tí wọ́n ń yan bí afẹwàṣiṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2023, gbogbo ayé ló pariwo rẹ̀. Aṣọ àti ìwò ojú ló gbé iṣẹ́ yẹn ró, kò sí ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ náà wò. Ọkọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ní òfin tó ń tẹ̀ lé lójú títì, gbogbo wa la sì ti mọ òfin náà láìkọ́ ọ.

Fọ́tò ni mo fi jẹun títí mo fi darúgbó, nítorí náà ojú oníkámẹ́rà ni màá fi bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ ń tẹ ọ̀rọ̀ fún kò ní kámẹ́rà, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ eré sísá. Fọ́tò tí àwọn ẹlòmíràn ti yà, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí nídìí, ló fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fọ́tò ọkọ̀ tó wà láyé ló sì jẹ́ ti ọkọ̀ tó dúró: èyí tí wọ́n fẹ́ tà, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èyí tí wọ́n gbé síwájú ilé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pé ọkọ̀ tó rẹwà tó ń sáré gan-an, ó lè mú títì tó fà láti ibì kan, kó mú ríìmù tó dúró láti ibòmíràn, kó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò sọ fún un pé fọ́tò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tó sì ń sọ fọ́tò di ọ̀kan kò ju méjì lọ: ibi tí kámẹ́rà dúró sí, àti bí ojú kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó kó tó pa dé. Ibi tí kámẹ́rà dúró sí lẹ máa kọ́kọ́ sọ.

Ọ̀nà mẹ́ta là ń gbà ya ọkọ̀ tó ń lọ. Àkọ́kọ́ ni pé kí ayàwòrán dúró sétí títì, kó máa yí kámẹ́rà tẹ̀ lé ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá, kó sì tẹ̀ ẹ́ láìdá ọwọ́ dúró. Ara ọkọ̀ á mọ́ kedere, nítorí pé kámẹ́rà àti ọkọ̀ jọ ń lọ ni. Ilé, igi àti danfó tó wà lẹ́yìn á fà ní ìbú, gbọọrọ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ọ̀nà kejì ni tàwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á fi ohun tó ń fà mọ́ ara ọkọ̀ so irin gígùn mọ́ ọn, wọ́n á gbé kámẹ́rà sórí irin náà, kámẹ́rà á wá di ara ọkọ̀. Wọ́n á rọra ti ọkọ̀ náà bí ẹni ń rìn lẹ́sẹ̀, ojú kámẹ́rà á ṣí fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì pa irin náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó bá yá. Ọkọ̀ tí ẹ rí lórí pátákó ńlá tí ẹ rò pé ó ń sá eré 120, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọkùnrin méjì ló ń tì í. Nínú irú èyí, títì kì í sábà fà ní ìbú: ìlà rẹ̀ á ṣí wá láti ibi kan ṣoṣo ní òkèèrè, wọ́n á sì máa gbòòrò bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ wa. Ọ̀nà kẹta ni kí kámẹ́rà dúró sójú kan, kí títì mọ́ kedere, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá fà kọjá. Ìyẹn ò wúlò fún ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀, nítorí pé ọkọ̀ gan-an ni kò ní hàn dáadáa.

Ẹ mú ọ̀kan. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹ ó rí ilé tó fà ní ìbú lórí títì tó fà láti òkèèrè, kò sì sí kámẹ́rà kankan láyé tó lè ya ìyẹn. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́, kí ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ hàn wá, nítorí pé òun ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò bóyá ó péye.

Ó ku ríìmù, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí Tòyótà Kòrólà. Táyà 195/65R15 ni ọ̀pọ̀ Kòrólà tòkunbọ̀ ń wọ̀. Láti etí kan sí ìkejì, táyà náà fi díẹ̀ lé ní sẹ́ǹtímítà 63, nítorí náà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ti lọ tó mítà méjì. Ká ní ọkọ̀ ń lọ ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tó ṣì wà lábẹ́ 50 tí àjọ FRSC fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré láàárín ìlú. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, táyà á sì yí nígbà márùn-ún àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún ìdá kan nínú 40 ìṣẹ́jú àáyá, ọkọ̀ á ti lọ sẹ́ǹtímítà 28, táyà á sì ti yí ní dìgírì 50.

Ríìmù tó ní apá márùn-ún, dìgírì 72 ló wà láàárín apá kan àti èkejì. Bí apá kọ̀ọ̀kan bá wá fà fún dìgírì 50, ó ti bo bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àlàfo náà. Ẹ ò ní lè ka apá mọ́; ohun tí ẹ ó rí ni àwo tó ń dán, tó ní ibi tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀. Àárín gbùngbùn, níbi àmì ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kì í fà jìnnà, ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé ríìmù ni. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá lo ìdá kan nínú 500, dìgírì mẹ́rin péré ni táyà á yí. Ọkọ̀ lè máa sáré lóòótọ́, àwòrán rẹ̀ á dà bí èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀ síwájú ilé epo. Ojú kámẹ́rà tó pẹ́ kó tó pa dé ló ń fún wa ní eré tí à ń rí nínú fọ́tò. Ẹ yéé kọ `very fast` lẹ́ẹ̀mẹ́ta sínú ọ̀rọ̀ yín.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn, ríìmù àti ohun tó ń dán lára ọkọ̀, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n nílé ẹjọ́ kan náà. Bí ẹlẹ́rìí kìíní bá ní ọkọ̀ ń sáré, tí èkejì ní ó dúró, adájọ́ ò ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹlẹ́rìí kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ yín kì í bi léèrè. Ọ̀dà ọkọ̀ ń gbé ohun tó wà níwájú rẹ̀ padà. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjú sókè, nítorí náà ojú ọ̀run ló yẹ kó hàn níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ń gbé títì padà, ó sì máa ń ṣókùnkùn jù. Láàárín méjèèjì, ìlà kan á wà tó gùn láti ilẹ̀kùn iwájú dé tẹ̀yìn, níbi tí ọ̀run àti ilẹ̀ ti pàdé. Ìlà yẹn ni kí ẹ fi ojú tẹ̀ lé: bó bá já ní ibi tí ilẹ̀kùn méjì ti pàdé, tàbí tó fò sókè lójijì, àwòrán náà ti bàjẹ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí wa, ẹ̀gbẹ́ tiwa ló ń gbé padà. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ayàwòrán ló yẹ kó hàn lára rẹ̀, kì í ṣe ilé tó wà ní òdìkejì ọkọ̀. Ẹ̀rọ sábà máa ń ṣe é sódì, nítorí pé ilé ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ló ti yà. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ tí ṣọ́ọ̀bù àti òpó iná sì dúró, ohun tó hàn lára ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lọ sẹ́yìn, kó fà pẹ̀lẹ́. Etí ilẹ̀kùn àti ọwọ́ ìṣílẹ̀kùn á mọ́ kedere, iná tó wà lára ọ̀dà á di ìlà tó rọ̀. Ọkọ̀ dúdú ló ń tú irọ́ yìí jáde jù, funfun ló ń bò ó mọ́lẹ̀ jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, kó má tíì fi dúdú bẹ̀rẹ̀.

Bí òjò bá ti rọ̀ sí títì, iṣẹ́ tún pọ̀ sí i. Táyà tó wà lókè àti èyí tó hàn nínú omi gbọ́dọ̀ fẹnu kò níbi tí táyà ti tẹ ilẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ọkọ̀ ń léfòó nìyẹn. Iná iwájú ọkọ̀ á gùn sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa lórí títì tútù.

Ẹ wo bí mo ṣe máa kọ ọ́. Èdè Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́ dáadáa, nítorí náà bí ẹ ó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an nìyí:

```
Panning photo, side view, silver Toyota Corolla sedan
driving left to right on a wet Lagos road at dusk.
Wheels spinning, spokes smeared into round blur,
hub centres clear, tyres pressed on the road, dark
shadow underneath. Car body sharp. Buildings and a
yellow minibus behind it stretched into level streaks.
Sky on roof and bonnet, street lights sliding along
the doors as soft lines. Blank number plate.
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò kọ pé ó rẹwà. Mi ò sì kọ ìdá kan nínú 40. Ẹ̀rọ ò mọ ìṣirò, nọ́ńbà yẹn ò ní kó wọn dìgírì 50 fún yín; ohun tí nọ́ńbà náà máa ń fà wá sójú fọ́tò ni kí ẹ ṣàpèjúwe. Mo fi ríìmù sókè nítorí pé àwọn ẹ̀rọ kan, irú bíi Stable Diffusion ti àtijọ́, ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ohun tó bá wà nídìí pátápátá lè já dànù. Mi ò tún kọ pé kí ríìmù má dúró. Bí ẹ bá dárúkọ ohun tí ẹ ò fẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rọ lè torí orúkọ náà gbé e wá. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ sọ.

Ẹ ó béèrè ìdí tí mo fi ní kí ọkọ̀ lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ lọ dúró sétí títì ní Ìgándò, kí ẹ kọjú sí ọ̀nà. Ọkọ̀ tó sún mọ́ yín jù, ọwọ́ òsì yín ló ti ń bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń lọ, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló sì wà ní ẹ̀gbẹ́ yín. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ló ti rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú fọ́tò tí ẹ̀rọ fi kọ́ṣẹ́ lè jẹ́ ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù tàbí Tókíò, níbi tí sítíárí wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá kọjú sí wa, ọwọ́ ọ̀tún tiwa tí à ń wo àwòrán ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, ẹ má kàn yí àwòrán síhà kejì torí kí ọ̀rọ̀ ìpolówó lè ráyè.

Nọ́ńbà ọkọ̀ ń kọ́? Ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ẹ̀rọ lè kọ lẹ́tà tí kò sí nínú èdè kankan síbẹ̀. Bí oníbàárà bá taku pé ó fẹ́ nọ́ńbà, orúkọ ilé ìtajà rẹ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀ fúnra yín, lórí funfun, ní àwọ̀ búlúù. Àwọ̀ pupa, ti ọkọ̀ akérò ni, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ilé ò sì fẹ́ rí i. Ẹ má fi nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni sí i.

Ẹ tún ronú ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ náà sí. Mo ti rí àwòrán tí wọ́n pè ní Ìkòtún, lẹ́bàá ìyípo Ìkòtún, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ ń fò kọjá lórí títì tó ṣófo. Ta ló ń gbé Ìkòtún tó máa gba ìyẹn gbọ́? Ẹ gbé e sí ọ̀nà LASU sí Ìsẹ̀rì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan àti danfó kan wà lẹ́yìn tí wọ́n fà sínú ìlà àwọ̀ ìyeyè. Ìyẹn ni wọ́n á mọ̀ sí ilé wọn.

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀, ẹ̀rọ á ṣì máa gbé ríìmù tó dúró jáde nígbà púpọ̀. Ẹ má torí ẹ̀ máa jó owó dátà dànù lórí pé kó tún un yà. Bí ara ọkọ̀ àti ilẹ̀ ẹ̀yìn bá ti dára, ẹ gbé àwòrán náà lọ sínú Photoshop. Ẹ fi ìlà yí táyà kan ká kí ara ọkọ̀ má bàa bá a yí, kí ẹ wá lọ sí `Filter > Blur Gallery > Spin Blur`. Ẹ gbé àmì àárín rẹ̀ sórí àárín ríìmù gan-an, kí ẹ fa etí rẹ̀ dé etí táyà. Bí ọkọ̀ bá kọ ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí wa, táyà ò ní rí róbótó mọ́. Ẹ fún òbìrí náà pọ̀ títí á fi bá táyà mu. Ní `Blur Angle`, ẹ tẹ 50 tí a ṣírò. Ẹ ṣe tẹ̀yìn pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, nítorí pé táyà méjèèjì jọ ń lọ ni. Bí ẹ bá rí kálípà búréèkì láàárín apá ríìmù, ẹ dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kálípà kì í bá táyà yí, bó bá fà, awakọ̀ tó mọ ọkọ̀ á rí i.

Àmọ́ o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀. Bí ẹ bá ń ta Kòrólà kan pàtó tó wà ní Ẹgbẹ́dá, èyí tí bọ́mpà rẹ̀ ti họ, àwòrán tí ẹ̀rọ yà kì í ṣe ọkọ̀ yẹn. Ó kàn jọ Kòrólà ni. Ẹni tó bá fi í hàn oníbàárà pé òun nìyí ti tan èèyàn jẹ, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ò sì fọwọ́ sí i. Bí ìpolówó bá sì máa jáde síta fún gbogbo èèyàn, àjọ ARCON tí òfin ọdún 2022 gbé kalẹ̀ dípò APCON ní ìgbìmọ̀ tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Àwòrán ẹ̀rọ dára fún orúkọ ilé ìtajà, fún ìkíni ọdún, fún pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ tó ní owó lórí, ẹ ya á fúnra yín.

Fóònù náà tó. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó fẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi `Spin Blur` yí táyà rẹ̀, kí ẹ fi `Path Blur` fa ilẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kan iná tó hàn lára ilẹ̀kùn. Bọ́mpà tó họ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà ṣá, ẹ ní kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárí. Mo ti rí ọkọ̀ tó ń fò lọ lójú títì tí ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ ṣófo. Kí ẹni náà sì de bẹ́líìtì.